Ìlà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Ní ọdún tí mo fi sin ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Wuse, ní Àbújá, ni wọ́n pín mi sí, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Àwa mélòó kan la wà ní yàrá náà, ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ló máa ń fọwọ́ kan ráútà: èmi àti obìnrin tí mò ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń pè é ní Àǹtí, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Òun náà kò pe orúkọ mi rí. "Kọ́pà" ló ń pè mí, bó sì ṣe máa ń pè é, ó dà bíi pé orúkọ tí ìyá mi sọ mí gan-an nìyẹn.

Kí n ṣàlàyé ohun tí ráútà jẹ́ fún ẹni tí kò bá a ṣiṣẹ́ rí. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni. Ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá fẹ́ rán jáde kúrò ní agbègbè tirẹ̀, inú àpótí náà ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. A lè kọ àṣẹ sínú rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn: jẹ́ kí eléyìí kọjá, má jẹ̀ẹ́ kí tọ̀hún kọjá. Àkójọ àwọn ìlà wọ̀nyí la ń pè ní ákísẹ́ẹ̀sì lísìtì. Mo ti kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n inú ìwé nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àǹtí ní tirẹ̀ kò kà á nílé ìwé. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì padà wá di olùtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ èyí láti fi yìn ín. Mo fojú ara mi rí i. Bí ẹnìkan bá pè láti òkè pé ẹ̀rọ òun kò ṣiṣẹ́, Àǹtí á ti mọ wáyà tó yẹ kó lọ yẹ̀ wò kí onítọ̀hún tó parí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí fáìlì ìjọba máa ń gbà gbọ́ láìsí pé wọ́n kọ́ ọ: sákúlà tuntun, ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pín káàkiri ọ́fíìsì, ló ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa wọṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, tí òmíràn sì dé lẹ́yìn náà tó ní aago méje ààbọ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè èyí tó yẹ ká tẹ̀ lé. Nínú fáìlì gan-an, ìsàlẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ máa ń kọ tirẹ̀ sí. Ọ̀gá tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró, ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Mo rò pé ọgbọ́n tó dára ni, níbi tí wọ́n ti ń lò ó.

Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ìdánwò ìgbéga ń bọ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fẹ́ ti ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n gbé sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fẹ́ kó ìbéèrè sí, wá, wọ́n tì í mọ́ yàrá kan nísàlẹ̀ ilé. Ọ̀gá àgbà kọ mẹ́mò: láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kankan tó máa lè dé ọ̀dọ̀ sáfà yẹn títí ìdánwò yóò fi dé. Àǹtí jókòó, mo jókòó tì í. Ó tẹ ìlà kan wọlé pé kí ráútà má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ sáfà náà. Ráútà gbà á, ó sì tò ó sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bó ti máa ń ṣe fún ìlà tuntun tí a kò bá sọ ibi tí a fẹ́ kó wà. Mi ò rí àkójọ náà lódindi lọ́jọ́ yẹn. Ìlà tí Àǹtí tẹ̀ nìkan ló wà lójú ẹ̀rọ. A kò lè dán an wò, torí wọn kò tíì tan sáfà náà. Àǹtí kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ mẹ́mò pé òun ti ṣe é, ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà sókè.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé: Àǹtí fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò náà. Ó ti pẹ́ gan-an lórí ipò kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun, á jókòó síbẹ̀ á máa ka ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba, á máa jẹ ẹ̀pà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti tan sáfà náà, akọ̀wé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, aláwàdà èèyàn.

"Àǹtí, ẹ dákun, ìdánwò yín ti dé orí tábìlì mi o. Ṣé kí n bá yín ṣe é ni?"

"Lọ síbi iṣẹ́ rẹ jàre," ni Àǹtí wí.

"Mi ò ṣeré. Ẹ wá wò ó."

A tẹ̀ lé e gòkè. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ la ti rí i: ojú ewé ìdánwò náà, àmì ilé iṣẹ́ wa lókè, àpótí kékeré kan nísàlẹ̀ tó ní kí èèyàn fi nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ wọlé. Àǹtí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní àwòrán ni, pé ẹnìkan ló yà á fi ránṣẹ́ sí i. Ó gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ tún ojú ewé náà gbé wá. Ó gbé e wá. Ó tún ṣe é. Ó tún gbé e wá.

Mo wo ojú Àǹtí. Ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rín in mọ́.

"Kọ́pà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣèbí a tì í?"

"A tẹ ìlà náà wọlé, Àǹtí." Ohun tí mo mọ̀ dájú nìyẹn, òun náà ni mo sì sọ.

Akọ̀wé náà ti rí i pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe àwàdà mọ́. Ó ní òun ò tẹ nǹkankan, òun ò fi nọ́ńbà kankan wọlé, ẹnìkan ló sọ fún òun nídìí ẹ̀rọ omi pé ẹni náà ti dán an wò, ó sì ṣí. Ta ni ẹni náà? Kò fẹ́ sọ. Kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí, gbogbo ilé ti gbọ́. Wọ́n pa sáfà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kúẹ́rì ti wà lórí tábìlì Àǹtí: kó ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi ní fìyà jẹ ẹ́ fún ṣíṣí ìdánwò tí òun náà fẹ́ ṣe sílẹ̀, lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i pé òun ti tì í. Ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kì í ṣe ìgbéga nìkan ló máa lọ. Iṣẹ́ náà lọ nìyẹn.

Ó ka kúẹ́rì náà tán, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ rò pé mo ṣe é?"

Ó yẹ kí n ti sọ pé rárá. Gbogbo ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láàárín èèyàn á ti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mo rò ó: ìlà kan wà tó ní kí ráútà tì í, síbẹ̀ ó ṣí. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan yọ ìlà náà. Ó lè jẹ́ pé ráútà kò ka ìlà náà bí a ṣe rò. Ẹni méjì ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọ inú ráútà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi.

"Mi ò tíì mọ̀, Àǹtí," ni mo wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Lọ wádìí ẹ̀ nígbà náà. Àwọn yòókù ti mọ̀."

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo wọ inú ráútà, mo ní kó fi gbogbo àkójọ náà hàn mí. Níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan wà, ní mẹ́wàá mẹ́wàá: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, bí nǹkan bá ti kàn án rí, ráútà máa ń kọ iye ìgbà tó kàn án. Àwọn ìlà díẹ̀ tó wà lókè jẹ́ ti kọngílá tó kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ìlà kan ló wà tó ní: jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lọ sí ibi gbogbo. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìlà yìí gùn débi pé mi ò lè kà á lẹ́ẹ̀kan.

Abẹ́ ìlà yìí ni gbogbo ìlà "má jẹ̀ẹ́" tò sí. Ti Àǹtí ló kẹ́yìn. Àwọn mìíràn wà lókè rẹ̀ láti ìgbà ọ̀gá àgbà àtijọ́: ẹ ti ìkànnì eré bọ́ọ̀lù yìí pa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé ibi fíìmù yẹn. Kò sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn ọ̀kankan nínú wọn. Òfìfo lásán ni.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí ohun tí mo kà, tí mo sì ti kọ sínú ìwé ìdánwò láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: láti òkè ni ráútà ti ń kà á bọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá ọ̀rọ̀ mu ló máa tẹ̀ lé, lẹ́yìn náà kò ní kàwé mọ́. Ohunkóhun tó bá dé ọ̀dọ̀ ìlà tó ní kí gbogbo ènìyàn lọ sí ibi gbogbo, ó ti rí ìdáhùn rẹ̀. Kò sí ohun tó máa dé ìsàlẹ̀ láé. Ìlà Àǹtí wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ráútà kò kà á rí.

Òfìfo yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí bí iná bá lọ tí ráútà sì kú, gbogbo nọ́ńbà náà máa ń padà sí òdo, iná sì ń lọ déédéé. Mo gba àṣẹ kí wọ́n tan sáfà náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ṣí ojú ewé ìdánwò láti orí ẹ̀rọ wa, mo sì ń wo àkójọ náà. Nọ́ńbà ìlà "gbogbo ènìyàn" gòkè. Ìlà Àǹtí wà ní òfìfo bó ti wà.

Mo pè é, mo fi hàn án. Ó fi ìka rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ìlà náà lójú ẹ̀rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ lára pátákó ilé ìwé.

"Gbogbo èyí tí a ti ń tẹ̀ sí i láti ọjọ́ yìí wá?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

"Ti bọ́ọ̀lù? Ti fíìmù? Èyí tí ọ̀gá àtijọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lé lórí ní gbangba?"

"Mo rò pé mẹ́mò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ló ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn kà á pé wọ́n ti tì í, wọn kò sì dán an wò."

Ó fa àga, ó jókòó. "Yéè," ló wí.

Ìgbìmọ̀ náà jókòó ní yàrá ìpàdé. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Alága wọn jẹ́ àgbà òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Okun, tó mọ òfin iṣẹ́ ìjọba lórí. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin láti ẹ̀ka ìdánwò, tó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ẹni kẹta jẹ́ ọkùnrin Hausa láti ẹ̀ka ìṣirò owó, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa torí Ìbàdàn ló ti kàwé. Gẹ̀ẹ́sì la fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí inú bá ti bí alága, Yorùbá ló máa ń fi parí ẹ̀.

Wọ́n gbé àkójọ náà sára ògiri kí gbogbo wa lè rí i. Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú.

"Ìlà tó kẹ́yìn yìí, kí ló sọ?"

"Pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ sáfà, sà," ni Àǹtí wí.

"Òun ló kẹ́yìn?"

"Òun ni, sà."

"Òun náà ni àṣẹ nígbà náà. Bí àṣẹ tó kẹ́yìn bá ní kí wọ́n tì í, tí ó sì ṣí, ẹnìkan ló ṣí i. Ṣé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun kan náà tó kó Àǹtí sí wàhálà ni wọ́n fẹ́ fi dá a lẹ́bi. Mo béèrè bóyá mo lè sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé bí ráútà ṣe ń kàwé. Alága gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Ọmọ mi, o fẹ́ sọ fún mi pé àṣẹ àtijọ́ ló lágbára ju tuntun lọ?"

"Ti òkè ló lágbára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, sà. Kò mọ èyí tó jẹ́ tuntun."

Mo ní kí wọ́n tún tan sáfà náà, mo sì fi hàn wọ́n. Àǹtí yọ ìlà rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, ó sì fún un ní nọ́ńbà márùn-ún, kó lè ṣáájú mẹ́wàá. Mo ní kí obìnrin ẹ̀ka ìdánwò gbìyànjú ojú ewé náà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó kọ̀, kò ṣí. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú ìlà náà. Ipò rẹ̀ nìkan ló yí padà. Obìnrin náà gbójú sókè wo ògiri, ó ya ẹnu sílẹ̀ kò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n alága kò tíì gbà. Ó nàka sí ìlà tó ní kí gbogbo ènìyàn lọ sí ibi gbogbo.

"Eléyìí ńkọ́? Ta ló gbé irú nǹkan báyìí sí ilé iṣẹ́ ìjọba? Ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu! Madam, ìwọ lo gbé e sókè níbẹ̀, kí tìsàlẹ̀ lè máa sùn."

"Sà, kọngílá ni," ni Àǹtí wí. "Mo bá a níbẹ̀ ni."

"Ẹ̀rí dà?"

Kò sí. Kọngílá náà ti kó kúrò ní Àbújá.

Ọkùnrin Hausa náà wúkọ́. "Alhaji," ló wí fún alága, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kìrìsìtẹ́nì ni alága náà. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣeré nìyẹn. "Ìlà bọ́ọ̀lù yẹn. Láti ìgbà ọ̀gá àtijọ́ ni mẹ́mò rẹ̀ ti jáde, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo pín in."

"Kò tì rí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó wo tábìlì. "Mò ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mẹ́mò ti jáde títí di àná."

"Kai!" ni alága pariwo, ó gba ọ̀rọ̀ Hausa náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. "Ìwọ! Tí o fọwọ́ sí mẹ́mò yẹn pé o ti kà á!"

"Mo kà á. Mo wá lọ wò ó bóyá òótọ́ ni."

Obìnrin ẹ̀ka ìdánwò fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín, torí mo ti rí ohun tí ọkùnrin náà fún wa: bí ìlà bọ́ọ̀lù kò bá ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀gá àtijọ́, a jẹ́ pé ìlà "gbogbo ènìyàn" ti wà lókè rẹ̀ láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó ronú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Mo sọ ọ́. Alága gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n inú ti bí i ju kó máa wo ẹ̀rí lọ.

"Ẹni yòówù kó gbé e síbẹ̀, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ báyìí."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, "bí a bá yọ ọ́…"

"Kọ́pà, mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Madam, yọ ọ́."

Àǹtí wò mí. Mo mi orí pé kó má ṣe é. Ó wo alága. Ẹni tí kúẹ́rì wà lọ́rùn rẹ̀ kì í bá alága ìgbìmọ̀ jiyàn. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ. Àkójọ tó wà lára ògiri dúró gbọnrangandan. Àǹtí tẹ bọ́tìnì, kò gbọ́. Ẹ̀rọ tá a fi ń bá ráútà sọ̀rọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, torí inú àkójọ kan náà lòun náà ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan kígbe ní yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ilẹ̀kùn káàkiri. Fóònù alága dún. Ọ̀gá àgbà ni. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tá a jókòó sí: lẹ́tà tó ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mínísítà ti dúró lójú ọ̀nà, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Alága sọ fóònù náà kalẹ̀. "Mo ní kí ẹ yọ ìlà kan. Ta ló ní kí ẹ ti gbogbo ilé pa?"

"Kò sẹ́ni, sà," ni Àǹtí wí.

"Ìlà wo ló tì í? Fi ìlà náà hàn mí."

"Kò sí lára ògiri, sà," ni mo wí. "Ní ìsàlẹ̀ gbogbo àkójọ irú èyí, ìlà kan wà tí ráútà kì í fi hàn. Ohun tó sọ ni pé ohunkóhun tí ìlà kankan kò bá gbà láyè, kó kọ̀ ọ́. Ìlà tí ẹ ní ká yọ yẹn nìkan ló ń gba gbogbo ilé yìí láyè."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́, sà. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn."

Ó jókòó. Mi ò tíì rí àgbà òṣìṣẹ́ kan tí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí. "Àṣẹ tí kò ní nọ́ńbà," ló ń wí fún ara rẹ̀, "tí kò ní déètì, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí." Ó dà bíi pé wọ́n sọ fún un pé ẹnìkan ti ń jókòó sórí àga rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí òun kò rí i.

Àǹtí ti dìde. Ó mú láptọ́ọ̀pù kan àti wáyà búlúù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bá ráútà sọ̀rọ̀ láti ara rẹ̀ gan-an, láìgba inú àkójọ kankan kọjá. Ó ń sáré lórí àtẹ̀gùn, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo tẹ̀ lé e. Nínú yàrá ráútà, ó ki wáyà náà bọ ara ráútà. Ó dá ìlà náà padà sí ààyè rẹ̀, lábẹ́ èyí tó ti sáfà ìdánwò pa. A gbọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ lókè, bí ìgbà tí iná bá dé.

"O mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀?" ló bi mí.

"Mo kà á níwèé. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn."

Nígbà tá a padà, alága ti tún awò ojú rẹ̀ fi sójú. Ó ní bí ẹ̀rọ kan bá lè ti gbogbo ilé pa láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ, òun gbà pé ó lè ṣí ilẹ̀kùn láìsí pé obìnrin yìí ṣí i. Bí èèyàn bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa, kò tẹ̀ léra bó ṣe yẹ. Ohun tó dá Àǹtí láre ni pé láìsí ìlà "gbogbo ènìyàn" yẹn, ẹnikẹ́ni kì bá ti ṣiṣẹ́ nínú ilé náà láti ọjọ́ kìíní, àti pé ọkùnrin oníbọ́ọ̀lù ti jẹ́rìí sí ibi tó wà. Ṣùgbọ́n ibi tí alága dé tọ̀nà, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ó ku ìbéèrè kan. Obìnrin ẹ̀ka ìdánwò ló béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Ṣé o lè búra pé kò sẹ́ni tó wọlé lọ wo ìbéèrè?"

Àǹtí yíjú sí mi.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Mo lè sọ pé ilẹ̀kùn ṣí. Mi ò lè sọ ẹni tó wọlé tàbí ẹni tí kò wọlé."

Torí ìdáhùn yìí, wọ́n da gbogbo ìbéèrè náà nù, wọ́n kọ òmíràn. Wọ́n fún Àǹtí ní lẹ́tà ìkìlọ̀ pé ó fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò dán wò. Wọ́n fún un láyè láti ṣe ìdánwò. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju kí n gbé èyí, kí n mú tọ̀hún wá. Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó da ẹ̀pà díẹ̀ sórí ìwé, ó tì í sí iwájú mi.

"Ká ní o ti sọ pé rárá lọ́jọ́ yẹn," ló wí, "pé mi ò ṣe é, o ò bá má lọ wo ẹ̀rọ yẹn."

Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo jẹ ẹ̀pà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, a tò ó pa pọ̀. Lókè pátápátá, ìlà tó ní kí àwọn kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ìdánwò dé ọ̀dọ̀ sáfà. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà Àǹtí: ẹnikẹ́ni mìíràn, rárá. Lẹ́yìn àwọn yẹn ni ti kọngílá, àti èyí tó ń gba gbogbo ilé láyè. A dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ gbogbo nọ́ńbà di òfo kí a lè bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. Àǹtí fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, torí wọn kò gbà á láyè nínú gbọ̀ngàn.

"Kọ́pà, má gbójú kúrò lára ẹ̀ o."

"Mò ń wò ó, Àǹtí."

Nígbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ìlà àkọ́kọ́ gbéra. Díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ó ń sáré. Mo mọ̀ pé Àǹtí náà wà nínú rẹ̀, níbì kan láàárín àwọn tó ń wọlé, olùṣọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀rọ gbọ̀ngàn. Mi ò lè mọ èwo ni tirẹ̀.

Mo fẹ́ sinmi. Mo tún ní kí ráútà fi àkójọ náà hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn ìlà Àǹtí, ìlà tó ti wà ní òfìfo nígbà tí gbogbo ilé ń bú Àǹtí, nọ́ńbà kan ti wà. Mo tún un wò, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ó ti gòkè sí i. Nínú ọ́fíìsì kan nínú ilé náà, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn, ẹnìkan jókòó tó ń gbìyànjú láti wọlé sí ọ̀dọ̀ sáfà. Ráútà ń kọ̀ fún un. Ó tún ń gbìyànjú. Bóyá òfíntótó lásán ni. Ìlà náà kì í kọ orúkọ ẹni tó bá kàn án, nítorí náà mi ò lè sọ ẹni tó jẹ́, àfi pé kì í ṣe Àǹtí: òun wà nínú gbọ̀ngàn.

Mo kàn ń wò ó. Fóònù Àǹtí wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dákẹ́. Nọ́ńbà ìlà rẹ̀ sì tún gòkè.